Ẹ Ka Ẹ̀yìn Àwòrán Kí Ẹ Tó Pa Á Rẹ́

Àwòrán àpò kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ránṣẹ́ sí mi láti Abẹ́òkúta. Àpò náà dára lójú mi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n fi rán an, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ọnà Ìbàdàndùn ló wà níwájú rẹ̀: àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó tò lọ bẹẹrẹ, ṣíbí sì wà láàárín wọn. Ìdìmú méjì ló ní, wajawaja òwú sì ń fì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n orí àga ike funfun ni wọ́n gbé e lé, lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé wọn. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí wọ́n fi ń pọn omi wà lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ ike kan wà lórí àga náà, sálúbàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn sì kún òkè àwòrán.

Mo pè wọ́n pé kí wọ́n tún un yà síbi tó mọ́.

"Àbúrò mi, àpò yẹn ti lọ," ni wọ́n wí. "Ẹni tó rà á ti gbé e lọ sí Kútọnu. Oníbàárà mi kan ní Pẹ́kámù, ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, ló ń fẹ́ irú ẹ̀. Fọ́tò yìí nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Bá mi gbé e síbòmíràn tó fani mọ́ra."

Ohun tí wọ́n bẹ̀ mí pé kí n ṣe yìí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan tà ló ń ṣe é lónìí. Gígé nǹkan yọ kúrò nínú àwòrán kì í ṣe iṣẹ́ ńlá mọ́. Photoroom máa ń gé e fúnra rẹ̀, Canva náà ń gé e fún ẹni tó bá sanwó. Láti ìgbà tí iOS 16 ti jáde ní ọdún 2022, ẹni tó ní iPhone tí kò pẹ́ jù lè fi ìka tẹ nǹkan inú àwòrán mọ́lẹ̀ kó sì gbé e jáde. Ibi tí a fẹ́ gbé nǹkan náà lọ ni iṣẹ́ wà. Gbogbo wa la ti rí àwòrán bàtà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n gbé sórí tábìlì olówó ńlá, tó dà bíi pé ó ń léfòó. Ojú wa mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀, bí ẹnu wa ò tilẹ̀ lè sọ ibi tí irọ́ náà wà.

Ìdí rẹ̀ ni pé àpò kì í dá wọ inú àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ ibi tó wà ti bà á lára. Kámẹ́rà ti wò ó láti ibi gíga kan báyìí. Àwọ̀ àwọn nǹkan tó yí i ká ti ràn mọ́ ọn. Bí a bá gé e yọ, ó ń kó gbogbo èyí dání lọ sí ilé tuntun. Bí ilé tuntun kò bá sì gbà pẹ̀lú wọn, àpò kò ní jókòó. Àwọn pàǹtí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí bí nǹkan ṣe rí nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà. Nítorí náà ni mi ò ṣe fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan títí mo fi ka ẹ̀yìn àwòrán náà tán.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá. Mo wo ẹsẹ̀ àga náà. Òjìji rẹ̀ nà sí apá ọ̀tún, etí òjìji náà kò sì mú. Ó ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pòórá. Ìyẹn fi hàn pé apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, àti pé kì í ṣe oòrùn gan-an ló kàn án, bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tó yà wọ abẹ́ òrùlé. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa gé òjìji bí ẹni fi abẹ gé e. Ibi tí mo bá fẹ́ gbé àpò yìí sí ní láti ní ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ láti apá òsì. Bí mo bá gbé e síwájú àwòrán etíkun tí oòrùn ti ń ràn láti ọ̀tún, mo ti bà á jẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni gíga ojú kámẹ́rà. Èyí ni àwọn ènìyàn kì í rántí rárá, òun ló sì ń mú kí nǹkan máa léfòó jù lọ. Ẹni tó dúró ya nǹkan tó wà lórí àga ń wò ó láti òkè ni. Bí a bá wá gbé nǹkan náà sórí tábìlì tí wọ́n yà láti iwájú gbọọrọ, yóò dà bíi pé ó fẹ́ ṣubú síwájú. Báwo ni a ṣe lè mọ gíga ojú kámẹ́rà láti inú àwòrán tó ti pẹ́? Abọ́ ike yẹn ló sọ ọ́ fún mi. Ẹnu abọ́ rí roboto bí a bá wò ó láti òkè pátápátá. Bí ojú wa bá bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba, a ó kàn rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Láàárín méjèèjì, ó máa ń rí bí ẹyin tó dùbúlẹ̀. Mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù, mo fi rúlà wọn ẹnu abọ́ náà: ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 2. Bí gíga bá jẹ́ ìdajì ìbú báyìí, a jẹ́ pé kámẹ́rà tẹ̀ wo nǹkan náà ní nǹkan bíi dìgírì 30. Ẹ kò nílò nọ́ńbà dìgírì yẹn rárá o. Ìdajì ni kí ẹ rántí. Ibi tuntun náà ní láti jẹ́ ibi tí ẹnu abọ́ ti máa rí bákan náà.

Àwọ̀ ló kù. Ẹni tó bá ń ta àdìrẹ mọ̀ pé aró kò gba eré: ẹni tó rí búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú nínú àwòrán, tó wá rí búlúù ojú ọ̀run gbà lọ́wọ́ oníjíà, yóò bínú. Òótọ́ ni ìbínú rẹ̀ yóò sì jẹ́. Àga funfun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ pa rẹ́ yẹn ló gbà mí níbi yìí. Mo mọ̀ pé funfun ni àga náà. Nínú àwòrán, ó ti di funfun tó ní ẹ̀fẹ̀ búlúù nínú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ abẹ́ òrùlé máa ń rí. Mo tún àwọ̀ gbogbo àwòrán náà ṣe, mo ń mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ títí àga náà fi padà di funfun lójú mi. Ìgbà náà ni àwọ̀ aró ṣẹ̀ṣẹ̀ di ti òótọ́. Ká ní mo ti gé àpò yọ tẹ́lẹ̀ ni, kò ní sí funfun kankan tí mo lè fi wọn ohunkóhun.

Mo tún rí nǹkan méjì mìíràn níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò ti ju àwọ̀ ara rẹ̀ sí etí ọ̀tún àpò náà, ibẹ̀ wá rí bíi pé ó ń ṣe àwọ̀ ewé díẹ̀. Àga funfun pẹ̀lú ti tan ìmọ́lẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpò láti abẹ́, ibi tó yẹ kó ṣókùnkùn jù lọ bí àpò bá jókòó lórí igi. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀ fún ìgbà tó bá yá.

Ibi tuntun wá ńkọ́? Èmi kì í wá àwòrán yàrá àwọn ẹlòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fóònù tèmi ni mo fi ya ibi tí mo fẹ́, ní òfìfo. Mo ní bẹ́ǹṣì igi ìrókò kan nílé ní Ìbàdàn, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun bíi wàrà. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè ti òsì wá, mo sì fa aṣọ fèrèsé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí oòrùn má baà wọlé gan-an. Pupa igi ìrókò àti búlúù aró máa ń gbé ara wọn yọ. Ohun búlúù mìíràn nínú àwòrán yóò jẹ́ kí àpò sọnù. Igbá fínfín kan ṣoṣo ni mo gbé sí apá ọ̀tún, àti gèlè funfun tí mo ká lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Mo fi ààyè sílẹ̀ láàárín. Ẹni tó bá kó ìkòkò, òdòdó, ìwé àti ago síbẹ̀ ti gbé pàǹtí mìíràn rọ́pò pàǹtí àkọ́kọ́, bí tuntun náà tilẹ̀ wọ́n lówó.

Mo wá gbé abọ́ sí ojúkò ibi tí àpò máa jókòó. Mo sún sẹ́yìn tó mítà kan àbọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe jìnnà sí àga, mo gbé fóònù sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀ títí gíga ẹnu abọ́ fi di ìdajì ìbú rẹ̀. Mo gbé abọ́ kúrò láìyí ọwọ́ padà, mo ya bẹ́ǹṣì náà. Mo tún ya òmíràn tí abọ́ ṣì wà níbẹ̀, kí n lè rí bí òjìji nǹkan gidi ṣe ń ṣubú sórí igi yẹn. Àwòrán kejì yìí wúlò fún mi ju bí mo ṣe rò lọ.

Nígbà náà ni mo tó gé àpò yọ. Áàpù náà ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lójú fóònù ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ lórí ẹ̀yìn funfun. Ẹ gbé ohun tí ẹ gé sórí pupa fòò kan ná. Bí mo ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, àṣírí tú: láàárín ìdìmú méjèèjì, kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò ṣì wà níbẹ̀ bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Áàpù máa ń gba ihò inú ìdìmú, ihò inú ẹ̀gbà àti ihò inú apẹ̀rẹ̀ sí ara nǹkan náà. Etí àpò pẹ̀lú ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ìyókù àga. Wajawaja òwú ló sì burú jù: ó ti so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan gìdìgbà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n rì sínú ẹrẹ̀.

Nínú Canva, lẹ́yìn BG Remover, búrọ́ọ̀ṣì méjì ló wà, "Erase" tó ń nu àti "Restore" tó ń dá padà. Mo fẹ àwòrán náà títí mo fi lè rí ẹyọ òwú kọ̀ọ̀kan, mo sọ búrọ́ọ̀ṣì di kékeré, mo nu kẹ́ẹ̀gì kúrò nínú ìdìmú. Mo nu etí àpò wọ inú ní ìwọ̀n píksẹ́lì kan tàbí méjì kí ìlà funfun lè lọ. Ó sàn kí a pàdánù fọ́nrán aṣọ díẹ̀ ju kí àpò máa tàn yòò yíká lọ. Ní ti wajawaja, mo gbìyànjú tó wákàtí kan, mo sì rí i pé kò sí bí mo ṣe lè yọ gbogbo àárín òwú. Mo nu àwọn ààyè ńláńlá àárín wọn, mo fi àwọn tó kéré sílẹ̀. Mo wá ṣètò ibi tí àpò máa wà lórí bẹ́ǹṣì kí òjìji gèlè àti dúdú igi lè wà lẹ́yìn wajawaja. Lórí ẹ̀yìn tó dúdú, ìyókù tó wà láàárín òwú kò hàn sójú. Lórí ògiri funfun, ìtìjú ni ì bá jẹ́. Ibi tí ọgbọ́n gígé dé nìyẹn: nígbà mìíràn ibi tuntun ni ẹ máa yí padà, kì í ṣe nǹkan tí ẹ gé.

Ìwọ̀n ni mo kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìbú àpò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32. Igbá mi jẹ́ 16, ó sì wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ibi tí àpò máa jókòó. Nítorí náà, mo fa àpò títí ó fi fẹ̀ ní ìlọ́po méjì igbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n eléyìí. Gbogbo wa la máa ń fẹ́ kí ọjà wa tóbi, ẹni tó wà ní Pẹ́kámù yóò sì fi igbá yẹn mọ̀ bóyá àpò náà gba ìwé rẹ̀ tàbí kò gbà á.

Òjìji ló ń mú àpò jókòó. Ọ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ áàpù ń fi sí i, ìkùukùu dúdú kan lábẹ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ oríṣi méjì ló wà. Mo padà sí àwòrán abọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Níbi tí ìdí abọ́ ti kan igi, ìlà kan wà tó dúdú gan-an, tó tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kò rí ibẹ̀ wọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òjìji gbọọrọ tó nà lọ sí ọ̀tún, tó ń fúyẹ́ bó ṣe ń jìnnà. Mo ṣe méjèèjì. Fún ti gbọọrọ, mo ṣe ẹ̀dà àpò náà, mo fa "Brightness" rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi dúdú, mo tì í sábẹ́ àpò gidi, mo tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ sí ọ̀tún, mo fi "Blur" mú etí rẹ̀ rọ̀, mo sì fa "Transparency" rẹ̀ sí nǹkan bí 30 kí igi lè máa hàn láti inú rẹ̀. Fún èyí tó kan ìdí, mo fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ìdí àpò sí i, tó dúdú ju èkíní lọ ní ìlọ́po méjì. Kì í ṣe dúdú bí èédú. Mo mú àwọ̀ rẹ̀ láti inú òjìji abọ́, pupa-dúdú igi ni. Bí mo ṣe fi ìlà kékeré yìí sí i ni àpò jókòó. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún fi í padà, ẹ ó rí i bí ó ṣe ń gbéra tó sì ń jókòó.

Mo wá rántí nǹkan méjì tí mo kọ sílẹ̀. Mo mú ìsàlẹ̀ àpò ṣókùnkùn díẹ̀ nítorí igi kì í tan ìmọ́lẹ̀ sókè bí àga funfun. Mo sì fa agbára àwọ̀ etí ọ̀tún wálẹ̀ kí ẹ̀fẹ̀ yẹ́lò lè kúrò níbẹ̀.

Kí n tó parí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe tirẹ̀ ránṣẹ́. Ó gbé àwòrán náà fún irú áàpù tó ń fi ọgbọ́n atọ́wọ́dá ya gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ ohun tó fẹ́ síbẹ̀, àwòrán sì jáde: yàrá ńlá, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́, òjìji tó dára ju tèmi lọ. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn gan-an. Mo ní kí wọ́n fẹ iwájú àpò náà.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Òpó Màpó dà?" ni wọ́n bèèrè.

Kò sí òpó. Ìlà lásán ló wà níbẹ̀, àwọn ṣíbí sì ti di ewé. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ kò gbé àpò náà láti ibì kan sí ibòmíràn; ó wò ó, ó sì ya òmíràn tó jọ ọ́. Lórí ife tí kò ní ọnà, ó lè má hàn. Lórí àdìrẹ, ọnà náà gan-an ni ẹni tó rà á ń sanwó fún, kò sì sí àpò tó rí bí èyí tí áàpù yẹn yà ní gbogbo ọjà Ìtòkú. Àwọn áàpù mìíràn wà tó máa ń fi nǹkan tí a gé sílẹ̀ bó ṣe wà, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yà. Àwọn yẹn ṣeé lò, bí ìmọ́lẹ̀ àti gíga ojú tí wọ́n yà bá gbà pẹ̀lú ti àpò. Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ kò le: ẹ gbé àwòrán àkọ́kọ́ lé tuntun lórí, ẹ fa "Transparency" rẹ̀ sí ìdajì, kí ẹ sì mú ìdìmú bá ìdìmú mu. Bí ọnà bá bá ara wọn mu, ẹyọ kan ni ẹ ó rí. Bí ó bá ti rí méjìméjì, àpò mìíràn ni.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ohun tí ẹ gé, PNG ni kí ẹ fi pa á mọ́, nítorí pé JPEG kò mọ òfìfo; yóò fi àwọ̀ kan dí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ mú "Document" dípò fọ́tò, kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ rún lọ́nà.

Mo fi àpò orí bẹ́ǹṣì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Pẹ́kámù pẹ̀lú àlàyé pé irú rẹ̀ ni wọ́n máa rán, pé ọwọ́ ló ń ya ọnà náà, kò sì ní rí bákan náà délẹ̀délẹ̀. Àwòrán bẹ́ǹṣì tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú èyí tó ní abọ́. Àpò mẹ́rin mìíràn ti jókòó lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì kó kẹ́ẹ̀gì kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ní báyìí, kí wọ́n tó ya àpò kankan, wọ́n máa ń gbé abọ́ funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.